Ìkán Mẹ́rìnlá

Ìṣirò ló fẹ́ lé Ẹ̀bùnọlá Láníyọnu kúrò nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ohun mìíràn tó le fún un. Ó mọ egbò dì, ó mọ bí a ṣe ń wẹ aláìsàn lórí ibùsùn láìjẹ́ kí òtútù mú un, ọmọ tó bá sì ń sunkún nínú wọ́ọ̀dù máa ń dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó sọ iye oògùn tó tọ́ sí ọmọ kan nípa ìwọ̀n ara rẹ̀, tàbí iye ìkán omi tó yẹ kó máa wọ iṣan ọmọ náà ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìdí nìyẹn tó fi fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá tún ṣubú, kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìgbà yẹn, òyìnbó ṣì ni ń ṣèjọba. Fífi omi sí aláìsàn lára kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù tí Ẹ̀bùnọlá ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn ará ìlú. Wọ́n á dúró lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù, wọ́n á máa wo ìgò tí wọ́n gbé kọ́ sókè, wọ́n á máa wo rọ́bà tó ti ibẹ̀ wọ inú ara ènìyàn, wọ́n á sì máa mi orí.

Ẹni tó gba Ẹ̀bùnọlá sílẹ̀ ni Ọ̀gá Garba, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń mójú tó wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọmọ Gàmbàrí ni, ó tutù, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, á ní kí Ẹ̀bùnọlá mú síléètì wá.

"Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o máa béèrè?" ni ó máa ń bi í.

"Iye oògùn tí àgbàlagbà ń lò, sà."

"Rárá. Nù ún kúrò. Kí ni ohun àkọ́kọ́?"

Títí ó fi yé e pé ìwọ̀n ọmọ ni ohun àkọ́kọ́. Ta ló wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ló sì wọ̀n ọ́n? Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Garba kọ́ ọ pé àádọ́jọ pọ́ùn ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n àgbàlagbà, nítorí náà ọmọ tó bá wọn ọgbọ̀n pọ́ùn, ìdá márùn-ún oògùn àgbà ni tirẹ̀. Ó kọ́ ọ pé áùnsì omi kan jẹ́ ọgbọ̀n sísì, ìwọ̀n kékeré tó wà lára abẹ́rẹ́, àti pé rọ́bà tí àwọn ń lò níbẹ̀, ìkán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń di sísì kan. Ẹ̀bùnọlá kọ́ ọ títí ó fi lè ṣe é lọ́kàn bó bá ń fọ aṣọ. Òógùn ọwọ́ náà sì dínkù.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Sístà òyìnbó kan wá láti Kàdúná láti ṣe é fún wọn, obìnrin gíga tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n kọ ti inú ìwé. Ẹ̀bùnọlá jáde síta, ó mọ̀ pé òun kò ṣe burúkú. Ó ku ti inú wọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti máa fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní aláìsàn kan, tí á ṣírò oògùn àti omi rẹ̀, tí á sì ṣe ìtọ́jú náà lójú Sístà.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mansur ni wọ́n fún Ẹ̀bùnọlá. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún kan àtààbọ̀. Èéyi ti kọ́kọ́ dá a gúnlẹ̀, nígbà tí èéyi sì lọ, ìgbẹ́ gbuuru gba ipò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ibà tún dé. Ní àsùbáà ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ gbé e wá láti àdúgbò Gàmbàrí. Ojú ọmọ náà ti jìn sínú, awọ ikùn rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ sí iṣan kan lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ de ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, omi sì ti ń kán sí i lára láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

Ìyá rẹ̀, Jummai, jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Obìnrin tí kò tíì dàgbà ni. Mansur ni àkọ́bí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti gbé obì lọ sí Jọ́ọ̀sì láti oṣù tó kọjá, kò sì tíì gbọ́ pé ara ọmọ kò yá.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Mansur," ni Ẹ̀bùnọlá sọ.

"Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi wò ó o. Ó ń mí, àbí?"

"Ó ń mí, Ìyá Mansur."

Sístà fi ọwọ́ kan pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Dókítà ti kọ àṣẹ sí i pé kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kuníìnì nítorí ibà, àti pé kí omi máa wọ̀ ọ́ lára ní áùnsì mẹ́ta sí pọ́ùn kan láàárín ọ̀sán kan òru kan. Lókè pátápátá, wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: ogún pọ́ùn.

Ẹ̀bùnọlá mú pẹ́ńsù. Ogún lọ́nà mẹ́ta, ọgọ́ta áùnsì. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbé ojú sókè wo ọmọ náà. Egungun àyà rẹ̀ ṣeé kà. Itan rẹ̀ kò ju ọwọ́ Ẹ̀bùnọlá lọ. Ó ti gbé ọmọ ogún pọ́ùn rí nínú wọ́ọ̀dù náà, ó mọ bí ó ṣe máa ń tẹ ènìyàn ní apá.

Ó yíjú sí Sístà, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló wọn ọmọ yìí?"

Sístà wò ó. "Ìwọ̀n rẹ̀ ti wà lórí pátákó."

"Mo rí i, mà. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n."

Sístà kò mọ̀. Ẹ̀bùnọlá bá yí padà sí ìyá ọmọ, ó sì fi Yorùbá bi í pé, "Ìyá Mansur, ṣé wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹ dé ní àsùbáà?"

"Rárá. Wọ́n ní yàrá tí òṣùwọ̀n wà, wọ́n tì í, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ kò tíì dé. Wọ́n wá bi mí bóyá wọ́n ti wọ̀n ọ́n rí." Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lójú rẹ̀. "Mo ní wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń wọn àwọn ọmọ, kó tó di pé èéyi mú un, ogún pọ́ùn ló wọ̀n. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n gbé e sókè, ó ní kí gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ wá wo ọmọ mi."

Ẹ̀bùnọlá túmọ̀ rẹ̀ fún Sístà, ó sì tọrọ àyè láti wọn ọmọ náà. Sístà wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àsìkò tí òun fún un kò ní gùn sí i, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fi wọn ọmọ, ó kù sí i lọ́wọ́. Bí àsìkò bá tán kó tó ṣe tán, Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Síbẹ̀ ó ké sí Lami, obìnrin tó ń tọ́jú wọ́ọ̀dù, pé kó bá òun gbé òṣùwọ̀n ọmọdé wá, nítorí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ti dé.

Lami gbé ìgò omi sókè lọ́wọ́ kó má baà fa rọ́bà, Jummai fúnra rẹ̀ sì gbé ọmọ rẹ̀ sínú abọ́ òṣùwọ̀n. Ó rọra gbé e, bí ẹni ń gbé ẹyin. Irin òṣùwọ̀n náà mì títí, ó dúró sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀. Ẹ̀bùnọlá mú irú pákó tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó wọn òun náà lọ́tọ̀: ààbọ̀ pọ́ùn. Ó yọ ọ́ kúrò. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Èló ni?" ni Jummai béèrè.

Ẹ̀bùnọlá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Nọ́ọ̀sì, èló ló wọ̀n?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Ìyá Mansur."

Jummai dúró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ ọmọ náà. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo ojú Ẹ̀bùnọlá, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló ń purọ́.

"Ogún ni," ni ó sọ. "Ogún ni wọ́n sọ fún mi. Márùn-ún yòókù dà?"

Ẹ̀bùnọlá bá a gbé ọmọ náà padà sórí ibùsùn. Ó fi ìka kan aṣọ Jummai léjìká, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ó fagi lé ọgọ́ta. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta, áùnsì márùndínláàádọ́ta. Áùnsì kọ̀ọ̀kan ọgbọ̀n sísì: 1,350. Sísì kọ̀ọ̀kan ìkán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: 20,250. Ìṣẹ́jú tó wà nínú ọ̀sán kan òru kan jẹ́ 1,440. Ó pín in. Ó jẹ́ mẹ́rìnlá àti àṣẹ́kù kékeré kan tí kò tó nǹkan. Ìkán mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú kan. Ti kuníìnì kò pẹ́: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àádọ́jọ, ìdá mẹ́wàá ni. Ní ìwọ̀n oògùn, gíréènì mẹ́wàá ni àgbàlagbà ń gbà, nítorí náà gíréènì kan ni ti ọmọ yìí. Gíréènì márùn-ún ló wà nínú sísì kan ìgò oògùn náà, ìdá márùn-ún sísì kan ló máa fà.

Sístà wo ìwé tirẹ̀. Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ogún pọ́ùn ni wọ́n ti ṣe é: ìkán mọ́kàndínlógún, àti kuníìnì gíréènì kan pẹ̀lú ìdá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe dókítà. Dókítà dé, ó wo òṣùwọ̀n, ó fa ìlà sórí ogún, ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì fọwọ́ sí i. Sístà ya ìlà lórí ìdáhùn tirẹ̀ náà. Ó ní kí Ẹ̀bùnọlá máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀bùnọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìgò, ó mú agogo tó so mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ka ìkán omi náà bó ṣe wà kó tó fọwọ́ kàn án. Mọ́kàndínlógún. Láti àárọ̀ ni ó ti ń kán bẹ́ẹ̀. Ó yí irin kékeré tó fún rọ́bà pọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó tún kà, ó tún yí i. Mẹ́rìnlá. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dìde. Jummai ń wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń kà á, òun náà sì ń ka tirẹ̀ lábẹ́nú.

Lẹ́yìn tó gún abẹ́rẹ́ kuníìnì náà tán, Jummai ní, "Ọlọ́hun á fún yín ní ọmọ tiyín, Nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó tíì jókòó ti omi yẹn bíi tiyín."

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá Garba wá bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sọ pé ó ti yege, nítorí kò tíì yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. "Sístà ní òun kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ìbéèrè yẹn." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jó yí àgbàlá ká. Ó sùn dáadáa, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí oṣù náà ti wọlé.

Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀, Lami ń ká aṣọ ibùsùn náà.

"Kó tó di àsùbáà ni," ni Lami wí. "Èémí rẹ̀ ló ń sá. Dókítà wá. Ó ní èéyi ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, omi sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sílé. Wọ́n á ti sin ín báyìí."

Ẹ̀bùnọlá jókòó sórí irin ibùsùn tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò láìpinnu rẹ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ títí dé ìgbà tí òun yí irin yẹn, wákàtí mẹ́fà. Ìkán márùn-ún tó lé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ọ́dúnrún ní wákàtí kan, ẹgbẹ̀sán ní wákàtí mẹ́fà. Ọgọ́fà sísì. Áùnsì mẹ́rin. Ìṣirò tó ti máa ń sá fún un tẹ́lẹ̀ wá ń tọ̀ ọ́ wá fúnra rẹ̀, kò sì mọ bí òun ṣe máa dá a dúró.

Ó lọ bá Ọ̀gá Garba, ó sọ ohun tó ṣírò fún un.

"Mo fẹ́ lọ kí wọn, sà."

"Lọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀." Ó wò ó dáadáa. "Ẹ̀bùnọlá, bí o bá débẹ̀, sọ pé Ọlọ́hun á fi ẹ̀mí ìyá dí i. Má mú ìṣirò wọ ilé ọ̀fọ̀."

"Ṣé áùnsì mẹ́rin tó lé yẹn ló pa á, sà?"

"N kò mọ̀. Ara rẹ̀ gbẹ nígbà tó dé, ó ń fẹ́ omi. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ó dá kún un. Dókítà pàápàá kò lè sọ fún ọ."

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣe àdúà fún ọmọ náà ni Ẹ̀bùnọlá lọ. Ó gba ẹ̀yìn Ọjà-Ọba kọjá, ó béèrè ilé Àfáà Màmúdù, wọ́n sì fi hàn án. Àfáà yìí ni baba ọkọ Jummai, arúgbó tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Òun ni wọ́n sì máa ń pè bí ẹnìkan bá kú ládùúgbò tí wọ́n fẹ́ pín dúkìá rẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí ó mọ ìpín gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á sílẹ̀. Ó wà lórí ẹní nínú sọ̀ọ̀rọ̀, yàrá àbáwọlé ilé náà; ìyàwó rẹ̀ Asabe jókòó sí òdìkejì pẹ̀lú àwọn obìnrin. Jummai wà lẹ́bàá ògiri, ó kó ẹsẹ̀ jọ, ìbòrí rẹ̀ bò ó dé iwájú orí. Ọkọ rẹ̀ kò tíì dé láti Jọ́ọ̀sì.

Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀, ó kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí Asabe ti rí aṣọ nọ́ọ̀sì lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀yin lẹ da omi sí ọmọ mi nínú, àbí?"

"Asabe," ni Àfáà pè é.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Àfáà. Mo sọ fún obìnrin yìí!" Ó nawọ́ sí Jummai láìwò ó. "Mo ní kó má gbé e lọ. Mo ní wọ́n ń fi omi kún ènìyàn bí ìkòkò níbẹ̀. Ó gbé e jáde nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá. Èémí omi ni ọmọ yẹn mí kẹ́yìn, mo gbọ́ ọ létí mi. Òun ló gbé e lọ fún wọn."

Jummai kò mira. Àwọn obìnrin yòókù ń wo ilẹ̀. Ó hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìjẹta.

Ohun tí Ọ̀gá Garba sọ wà lọ́kàn Ẹ̀bùnọlá. Ì bá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó wo obìnrin tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn, ó sì rò pé ohun kan ṣoṣo tí òun lè fún un ni òtítọ́, pé òtítọ́ náà á gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọn kì í kàn da omi sí ènìyàn lára. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n ni. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n fún Mansur."

Àfáà Màmúdù gbé ojú sókè. "Wọ́n ń wọ̀n ọ́n? Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Ìwọ̀n ara ọmọ ni, Bàbá. Pọ́ùn kan ara rẹ̀, áùnsì omi mẹ́ta láàárín ọ̀sán kan òru kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọ̀n."

"Márùndínláàádọ́ta nìyẹn," ni Àfáà wí lójú ẹsẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ẹ̀bùnọlá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sọ áùnsì di ìkán, tí wọ́n sì ń pín ìkán náà fún ìṣẹ́jú. Arúgbó náà ń fi ìka kọ ọ́ sórí ẹní, ó ń mi orí bí iye kan bá ti bá tirẹ̀ mu. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́rìnlá, ó ní, "Mẹ́rìnlá. Ó pé." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O gbọ́? Ìwọ̀n ni."

Ara Ẹ̀bùnọlá fúyẹ́ díẹ̀. Àfáà tún béèrè, bí ẹni tó fẹ́ parí ìpín tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Mẹ́rìnlá ló ń kán láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e débẹ̀?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ronú nípa ẹgbẹ̀sán ìkán tó ti ń kà lórí ibùsùn tirẹ̀ láti ìjẹta, ó sì mọ̀ pé bí òun bá purọ́ fún arúgbó yìí lórí ohun tí òun náà lè ṣírò, òun kò ní lè fọwọ́ kan agogo tó wà láyà òun mọ́.

"Rárá, Bàbá. Kó tó di àìlà lọ́sàn-án, mọ́kàndínlógún ni."

"Kí ló fà á?"

"Ogún pọ́ùn ni wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ta ló ní ogún ni?"

Ẹ̀bùnọlá la ẹnu. Ìgbà yẹn ló tó rí ibi tí òun ti rìn dé. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Jummai wí.

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Ó ti ṣí ìbòrí kúrò níwájú orí. "Wọ́n bi mí, mo ní ogún. Orí mi ń wú. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó sanra ni, pé n kò fi ebi pa á."

Asabe káwọ́ lérí, ó pariwo. Ẹ̀bùnọlá rákò lọ bá Jummai lórí eékún rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá Mansur, kì í ṣe iṣẹ́ ìyá láti sọ ìwọ̀n. Iṣẹ́ tiwa ni láti wọ̀n ọ́n. Ẹ gbọ́ mi? Àwa ló yẹ ká wá kọ́kọ́rọ́ yẹn rí. Omi tó lé náà kò ju áùnsì mẹ́rin lọ, kò kún ife tíì kékeré kan. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ni. Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un!"

"Òótọ́ ló ń sọ, Jummai," ni Àfáà wí. "Kádàrá ni. Ìyá kì í ṣe òṣùwọ̀n."

Jummai rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Ẹ̀bùnọlá. Kò fà á pẹ̀lú ìbínú. "Mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì," ni ó wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá." Ó sì fa ìbòrí rẹ̀ padà sí iwájú orí.

Àfáà Màmúdù sin Ẹ̀bùnọlá dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí àgbà bíi tirẹ̀ kì í ṣe fún ọmọdé.

"Má jẹ́ kí ó dùn ọ́ pé o sọ òtítọ́," ni ó sọ.

"Ó ń dùn mí, Bàbá."

"Mo mọ̀." Ó gbàdúà fún un níbẹ̀, pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọlé.

Èsì ìdánwò dé kí oṣù tó parí. Ẹ̀bùnọlá yege, nínú ìṣirò ni máàkì rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú aṣọ tuntun àti adìyẹ méjì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé nínú ọgbà ọsibítù. Ẹ̀bùnọlá wọ aṣọ náà. Ó jẹ díẹ̀ nínú oúnjẹ náà. Ìyá rẹ̀ bi í ohun tó ń ṣe é, ó ní iṣẹ́ ló rẹ òun.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbà òjò, Lami tó ń gbé lẹ́bàá ilé Àfáà sọ fún un pé Jummai ti padà sílé baba rẹ̀ ní Jẹ́bbà. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí, Asabe pàápàá ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti dárí jì í. Ó kàn ní òun kò lè sùn nínú yàrá náà ni.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan nípa mi?" ni Ẹ̀bùnọlá béèrè.

Lami ronú. "Kò dárúkọ rẹ. Ó sọ fún Àfáà pé òun ì bá fẹ́ràn kí wọ́n máa bá òun jà pé òun gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní ti ìyẹn, òun mọ èsì tí òun máa fọ̀; ti ogún pọ́ùn ni òun kò mọ̀."

Aláìsàn kan pe nọ́ọ̀sì láti ìkángun wọ́ọ̀dù. Lami wò ó bóyá ó máa dìde. Ẹ̀bùnọlá jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, kó tó lọ dá a lóhùn.